Lẹ́tà tí mo fi gbé ìkànnì aláṣọ òkè lé ikọ̀ tuntun lọ́wọ́

Ọdún mẹ́rin ni mo fi dá nìkan bójú tó ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè àti àdìrẹ n'Íbàdàn. Oníṣẹ́ àdáṣe ni mí, mi ò sí lórí owó oṣù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, Àlhájà tó ni ọjà á pè mí. Bí mo bá tún un ṣe tán, wọn á sanwó. Nígbà tí ọjà wá fẹ̀, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n gba ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan ní Yábàá láti máa ṣe iṣẹ́ náà. Àlhájà fúnra wọn ló pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wo ọmọ yìí dàgbà o. Kó gbogbo ẹrù rẹ̀ fún wọn, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa wá ìkan kiri tó bá yá." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí oṣù parí.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò gbà mí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Orúkọ àkáǹtì mọ́kànlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù wọn, ìpínrọ̀ kan lórí bí a ṣe ń gbé kóòdù tuntun sórí sáfà, àti gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ pé iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ kò pọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ ni mo wo àwọn tí ímeèlì náà ń lọ bá. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n. Akọ̀wé owó wà nínú wọn, àti àbúrò Àlhájà kan tí mi ò tíì rí rí. Páásíwọ́ọ̀dù báńkì ọjà máa jókòó sínú àpótí ímeèlì ènìyàn mẹ́jọ títí ayé, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àlhájà ṣí àpótí páásíwọ́ọ̀dù kan lórí Bitwarden, a kó wọn síbẹ̀, a sì pe ikọ̀ náà wọlé síbẹ̀. Ohun tó kù fún lẹ́tà láti ṣe ni kó sọ ibi tí nǹkan wà àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè kan lórí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan: bí fóònù mi bá bọ́ sódò lónìí, ta ló tún lè wọlé? Paystack kò ní wàhálà, torí Àlhájà ló fi ìwé ilé iṣẹ́ àti àkáǹtì báńkì wọn ṣí i. Àlejò lásán ni mí níbẹ̀. Sáfà ní tirẹ̀, káàdì mi ló ń san án lóṣooṣù. Kóòdù wà lórí GitHub lábẹ́ orúkọ mi. Èyí tó dójú tì mí jù ni dòméènì. Lọ́dún 2021 tí a fẹ́ rà á, káàdì náírà Àlhájà kọ̀ láti san dọ́là, mo bá fi tèmi rà á. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ímeèlì mi ni ìkìlọ̀ ń lọ sí, orí fóònù mi sì ni nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n máa ń béèrè kí ènìyàn tó wọlé ti ń jáde. Obìnrin tó ti ń ná ọjà yìí láti ọdún mẹ́rin kò ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Olórí ikọ̀ Yábàá fẹ́ kí a gbé dòméènì náà lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ń ra tiwọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sinmi ná. Bí `.com` bá ń ti ọ̀dọ̀ olùtajà kan lọ sí òmíràn, ó lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí méje, bí a bá sì yí orúkọ ẹni tó ni ín padà lẹ́sẹ̀ kan náà, ó lè di títì pa fún 60 ọjọ́. A kò nílò irú ìyẹn lọ́sẹ̀ tí a ń pààrọ̀ ọwọ́. Àlhájà ṣí àkáǹtì tiwọn lọ́dọ̀ olùtajà kan náà, mo sì ti dòméènì láti inú àkáǹtì mi sínú tiwọn. Ibi tó ń tọ́ka sí kò yí padà, ìkànnì kò sì ṣẹ́jú. Ohun tí lẹ́tà sọ nípa rẹ̀ nìyí:

> Dòméènì: ó ti wà lórúkọ Àlhájà báyìí. Ímeèlì ọ́fíìsì ni ìkìlọ̀ ń lọ sí. Nọ́ńbà mẹ́fà ń jáde lórí fóònù ọ́fíìsì. Àwọn kóòdù ìgbà pàjáwìrì wà nínú Bitwarden. Owó ọdún tó ń bọ̀ máa ń wọ́ ní oṣù kejì, káàdì dọ́là ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀. Ẹ má gbé e kúrò lọ́dọ̀ olùtajà yìí kí oṣù mẹ́ta tó kọjá.

Báyẹn náà ni mo kọ àwọn yòókù: ta ló ni ín, ta ló ń sanwó, ìgbà wo, ibo ni nọ́ńbà ti ń jáde.

Apá tí mo rò pé mo mọ̀ jù, ìyẹn gbígbé kóòdù jáde, ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọsẹ̀. Mo ti ṣe é tó ọgọ́rùn-ún ìgbà, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, orí mi ò rò ó mọ́. Mo pinnu láti dán lẹ́tà náà wò. Mo yá sáfà òfìfo kan fún ọjọ́ méjì, owó rẹ̀ kò tó ti kókà kólà méjì. Mo ti sáfà àtijọ́ mọ́ ara mi lójú, mo sì sọ pé ohun tí lẹ́tà bá wí nìkan ni mo máa tẹ̀. Ètò náà rí báyìí:

```
cd /var/www/oja
git pull origin main
composer install --no-dev
php artisan migrate --force
php artisan config:cache
php artisan queue:restart
```

Laravel ni a fi kọ ìkànnì náà. Fáìlì `.env`, tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà nínú rẹ̀, kì í bá kóòdù lọ sórí GitHub, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nínú lẹ́tà mi, mo ti kọ pé kí wọ́n da `.env.example` kọ, kí wọ́n sì tẹ `php artisan key:generate`. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo da ẹ̀dà détábéèsì alẹ́ àná sórí sáfà tuntun, ìkànnì sì jáde. Aṣọ hàn, iye owó hàn. Inú mi dùn. Mo wá ṣí ojú ewé àwọn ahunṣọ, àṣìṣe 500 ló fi kí mi. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe:

```
Illuminate\Contracts\Encryption\DecryptException: The MAC is invalid.
```

Ọwọ́ mi tutù. Àwọn ahunṣọ 37 ni Àlhájà ń sanwó fún, Ìsẹ́yìn ni púpọ̀ nínú wọn wà. Nọ́ńbà àkáǹtì wọn wà nínú détábéèsì, ṣùgbọ́n a ti dì wọ́n, a ò fi wọ́n sílẹ̀ gbangba. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi dì wọ́n ni `APP_KEY` tó wà nínú `.env`. `key:generate` dá kọ́kọ́rọ́ tuntun sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tuntun kò sì lè ṣí ohun tí ti àtijọ́ tì. Détábéèsì ò bàjẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ náà dára. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ohun tó lè kà á. Ká ní sáfà àtijọ́ ti di píparẹ́ ni, pẹ̀lú lẹ́tà mi lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà àkáǹtì 37 ti lọ nìyẹn, ó di kí Àlhájà máa pe ahunṣọ kọ̀ọ̀kan. Láti ẹ̀dà 11 ni Laravel ti fàyè gba kí ènìyàn to àwọn kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sí `APP_PREVIOUS_KEYS`, àmọ́ ìkànnì wa kò tíì débẹ̀. Bó bá tiẹ̀ débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ná.

Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́, mo sì kọ èyí sí ipò rẹ̀, òun nìkan ni mo fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ:

> Ẹ MÁ TẸ `key:generate` lórí sáfà tí ọjà ń lò, tàbí lórí èyíkéyìí tí ẹ bá da détábéèsì ọjà sí. `APP_KEY` àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ó wà nínú Bitwarden. Ẹ̀dà kejì wà nínú ìwé, nínú àpò tí a lẹ̀, lọ́wọ́ Àlhájà. Bí ẹ bá rí "The MAC is invalid", kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹ má fọwọ́ kan détábéèsì.

Nígbà tí ìyẹn tún ṣe, mo fi káàdì ìdánwò Paystack ra aṣọ kan. Owó wọlé, àmọ́ oníbàárà tí mo fi ara mi ṣe kò rí ímeèlì gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan. Ímeèlì kì í jáde lójú ẹsẹ̀ lórí ìkànnì wa. Ó máa ń tò sórí ìlà nínú tábìlì `jobs`, òṣìṣẹ́ kan tó ń sáré lẹ́yìn sì máa ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Supervisor ló ń jí òṣìṣẹ́ yẹn sílẹ̀, fáìlì tó sì ń pàṣẹ fún un wà ní `/etc/supervisor/conf.d` lórí sáfà àtijọ́ nìkan. Mi ò fi í sínú kóòdù rí. Àmì rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: bí iye ohun tó wà nínú `jobs` bá ń pọ̀ tí kò dínkù, òṣìṣẹ́ ti sùn. Mo gbé fáìlì náà sínú kóòdù, mo kọ ibi tó ń lọ àti àmì yẹn sínú lẹ́tà. Mo fi ìdí `queue:restart` kún un pẹ̀lú: òṣìṣẹ́ náà máa ń mú kóòdù àtijọ́ dání sínú orí rẹ̀. Bí a bá gbé kóòdù tuntun wá tí a ò ní kó tún jí, yóò máa fi ti àná ṣiṣẹ́ títí.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máà rí. Mo ń ka lẹ́tà náà lórí ibùsùn lóru, mo dé ibi tí mo ti kọ pé bí mo bá ti lọ, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lórí sáfà. Ó tọ́ kí wọ́n yọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀dà ìpamọ́ détábéèsì ńkọ́, ta ló ń ṣe é lóru? Mo dìde, mo wọlé sórí sáfà, mo tẹ `crontab -l`. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ tèmi:

```
15 2 * * * /home/dev/bin/ifipamo.sh
```

`crontab -l` kì í fi ju ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ hàn, nítorí náà bí ikọ̀ Yábàá bá wọlé pẹ̀lú orúkọ tiwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òfìfo ni wọn á rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì yọ mí, ìfipamọ́ dákẹ́ nìyẹn, kò ní pariwo. Èyí tó tún burú ni pé ibi ìpamọ́ tí mo ń san owó rẹ̀ fúnra mi ni ẹ̀dà náà ń lọ, mo sì ti ń rò ó láti dá owó yẹn dúró. A ṣí ibi ìpamọ́ tuntun lórúkọ ọjà, mo gbé iṣẹ́ náà sí abẹ́ orúkọ `oja` tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, mo sì dúró di ọjọ́ kejì láti rí i pé fáìlì òru náà dé. Ó dé. Mo dà á sórí sáfà òfìfo yẹn, mo sì ka nọ́ńbà àkáǹtì ahunṣọ kan síta kí n tó gbà pé ó pé.

Lórí ìwé ẹ̀rí ààbò, gbólóhùn díẹ̀ ló tó. Ti Let's Encrypt ni, 90 ọjọ́ ló ń lò, `certbot` sì ń sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi ímeèlì kìlọ̀ bó bá kù díẹ̀ kó parí. Wọ́n ti dá ìyẹn dúró láti oṣù kẹfà ọdún 2025. Nítorí náà mo ní kí wọ́n máa tẹ `certbot renew --dry-run` lóṣooṣù, pàápàá lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ògiri ààbò sáfà, torí bí ẹnu ọ̀nà 80 bá tì, ìsọdọ̀tun lọ́nà tí a gbà ṣe tiwa kò ní ṣeé ṣe.

Ó wá kan iṣẹ́ tó kù nílẹ̀. "Kò pọ̀" tí mo kọ tẹ́lẹ̀ jẹ́ irọ́ pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́, torí èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, àṣìṣe tèmi ni. Ní oṣù kẹrin, oníbàárà kan san 45,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, ìkànnì sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ahunṣọ méjì ló jókòó ti aṣọ kan náà. Bí owó bá wọlé, Paystack máa ń ta ìkànnì lólobó, ó sì ń retí èsì 200 pé a ti gbọ́. Kóòdù mi máa ń kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí ímeèlì bá lọ́ra, Paystack á rò pé a ò gbọ́, á tún sọ ọ́, àwa náà á sì tún kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀tun. Mo ti ṣe ìdajì àtúnṣe: ìkànnì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ báyìí, ímeèlì sì ń tò sórí ìlà. Ìdajì kejì ni kí détábéèsì fúnra rẹ̀ kọ̀ láti gba nọ́ńbà ìsanwó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni mi ò lè parí, mo sì kọ ìdí rẹ̀:

> Ẹ̀ka `nomba-kansoso` ni iṣẹ́ náà wà. Bí ẹ bá tẹ `migrate` lórí rẹ̀, MySQL á kọ̀ pẹ̀lú "Duplicate entry", torí àwọn àkọsílẹ̀ onílọ̀ọ́po méjì 14 ṣì wà nínú tábìlì `orders` láti ẹ̀yìn wá. Ẹ má kàn pa èyí tó dé kẹ́yìn rẹ́: nínú mẹ́ta nínú wọn, orí èyí tó dé kẹ́yìn ni akọ̀wé owó kọ ìdápadà owó sí. Mo ti to àwọn 14 náà sínú ìwé kan fún Àlhájà. Bí wọ́n bá ti fa igi sí èyí tí a máa fi sílẹ̀, ẹ pa ìkejì rẹ́, kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀ka náà wọlé. Ẹ rántí pé kóbọ̀ ni Paystack fi ń ka owó: 45,000 náírà máa dé bíi 4500000.

Iṣẹ́ kejì ni iye owó ẹrù sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn kò nílò àlàyé púpọ̀. Mi ò tíì kọ ìlà kan lórí rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà máa wá kóòdù tí kò sí.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú òpin oṣù la fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí èyí tó kéré jù nínú wọn gbé àtúnṣe kékeré kan jáde, kó yí ọ̀rọ̀ kan padà ní ìsàlẹ̀ ìkànnì, kí èmi má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti Ìbàdàn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé kóòdù lọ sábẹ́ àkáǹtì ọjà lórí GitHub, mo sì yọ ara mi. Àkọ́kọ́ tó tẹ̀, `git pull`, ló dáhùn pé:

```
ERROR: Repository not found.
```

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé lọ o." Òótọ́ ni. Láti ọdún mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ tí sáfà fi ń wọ GitHub wà lórí àkáǹtì tèmi. Gbogbo ìdánwò mi lórí sáfà òfìfo ò lè rí i, torí èmi náà ni mo wọlé síbẹ̀. Ó dá kọ́kọ́rọ́ tuntun sílẹ̀ lórí sáfà, ó fi í sórí kóòdù náà gẹ́gẹ́ bíi *deploy key* tó lè kà nìkan, ó tún tẹ `git pull`, ó sì lọ. Mo kọ ọ́ kún lẹ́tà nígbà tí ó ń tẹ èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìkànnì yí padà lójú gbogbo wa.

Ohun tó kù ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí Paystack, torí mo mọ èyí àtijọ́. Ẹ̀yìn tí mo ti jáde tán ni wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe kí n tó jáde. Mo kọ bí wọn á ṣe tò ó: kí wọ́n mú tuntun lórí Paystack, kí wọ́n fi í sínú `.env`, kí wọ́n tẹ `config:cache`, kí wọ́n sì jí òṣìṣẹ́ ìlà. Bí wọ́n bá gbàgbé `config:cache`, `.env` á sọ tuntun, ìkànnì á ṣì máa lo ti àtijọ́, gbogbo ìsọfúnni owó tó bá ń bọ̀ láti Paystack á sì máa bọ́ sílẹ̀ bí ayédèrú, torí kọ́kọ́rọ́ yẹn náà la fi ń yẹ òǹtẹ̀ wọn wò. Wọ́n ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà dákẹ́. Wọ́n yọ orúkọ mi lórí sáfà, mo gbìyànjú láti wọlé, ó lé mi. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin yẹn pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n ń gbé ìkànnì lọ sórí sáfà tó tóbi jù, ó ti dé orí ìlà dúdú kirikiri yẹn, ó sì fẹ́ fi ẹ̀dà inú Bitwarden wé ti inú ìwé kó tó tẹ nǹkan kan. Ó béèrè ibi tí àpò náà wà. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ Àlhájà, nínú dúróà tí wọ́n ń kó ìwé báńkì sí, kó pè wọ́n kí wọ́n tó sùn.